Àdírẹ́ẹ̀sì Mẹ́jọ fún Àlejò

Iṣẹ́ àṣetiléwá náà kò le: ẹ mú àdírẹ́ẹ̀sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì 192.168.10.0/24, tó ní àdírẹ́ẹ̀sì 256 láti 0 dé 255, ẹ pín in ní ọgbọọgba fún ẹ̀ka mẹ́rin, ẹ kọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn tirẹ̀, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Sà, mo tún rí mẹ́jọ fi pamọ́ fún àlejò."

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára o. Ìpín mẹ́rin túmọ̀ sí /26, ìyẹn ni pé bíìtì 26 nínú 32 ló ń sọ ìpín. Bíìtì mẹ́fà ló kù fún kọ̀ǹpútà, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì 64. Ó yọ àkọ́kọ́, tó jẹ́ orúkọ ìpín fúnra rẹ̀, ó yọ ìkẹyìn tí wọ́n fi ń kéde fún gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀, ó ku 62. Àfi bí 62 ṣe dùn mọ́ ọn tó, òun ló wá fi ń ṣísẹ̀ láti ìpín kan bọ́ sí èkejì:

```
0-61   62-123   124-185   186-247
```

Ó ku 248 sí 255. Àwọn àlejò dé!

Mẹ́jọ yẹn gan-an ló tú àṣírí rẹ̀. Ìpín mẹ́rin, méjì méjì, mẹ́jọ ni. Bí ohun tó ṣẹ́kù bá ti jẹ́ ìlọ́po méjì iye ìpín, ẹni náà ti yọ 2 kó tó pín ni. 64 là ń fi ṣísẹ̀. Inú ìpín la ti ń yọ 2. Nítorí náà, ìpín gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 0, 64, 128 tàbí 192. Èyí tí kò bá ṣeé fi 64 pín láìṣẹ́kù, ẹ fagi lé e.

Ẹ̀ka kejì ló pani lẹ́rìn-ín jù. Ó fún ráútà ní .62, ó fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní .63, ó fún ọ̀gá ní .64.

```
62 = 00 111110
63 = 00 111111
64 = 01 000000
```

Bíìtì méjì iwájú ló ń sọ ìpín tí àdírẹ́ẹ̀sì wà. Ráútà wà nínú ìpín àkọ́kọ́, àwọn kọ̀ǹpútà tó yẹ kó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde sì wà nínú ìkejì, wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo bíìtì mẹ́fà ẹ̀yìn 63 jẹ́ 1: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti di akéde ìlú. Ti 64 jẹ́ 0 pátá, ọ̀gá sì ń jẹ́ orúkọ àdúgbò.

Tíṣà kọ èyí tó tọ́ sí i fún un: 1–62, 65–126, 129–190, 193–254.

"Ṣùgbọ́n sà, àwọn àlejò wá ńkọ́?"

"248 dé 254 wà nínú ìpín kẹrin. Ilé onílé lo fi wọ́n sí."

"255 ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn ò lè sùn. Bí wọ́n bá ti ń kéde, òun ni wọ́n ń pè."