Bí mo ṣe sọ agolo dẹ́ríkà di òṣùwọ̀n ilé ìdáná mi

Ẹni tó bá ń fi agolo ọjà díwọ̀n oúnjẹ, tó sì fẹ́ kí mọ́ínmọ́ín rẹ̀ rí bákan náà ní gbogbo ìgbà tó bá sè é, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé agolo kì í wọn bí nǹkan ṣe wúwo tó. Àyè tí nǹkan gbà ló ń wọ̀n. Agolo kan náà tí a bu ìrẹsì kún máa ń wúwo gan-an ju ìgbà tí a bu gàárì kún un, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó wà láàárín gàárì pọ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé dẹ́ríkà kan jẹ́ gíráàmù báyìí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé dẹ́ríkà kí ni.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Leicester ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá wa máa ń sọ pé kí a bu "dẹ́ríkà ẹ̀wà méjì" fún mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n síkéèlì nìkan ni àbúrò mi ní lọ́hùn-ún, kò sí agolo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ ọ́ ní gíráàmù." Kí n tó lè dá a lóhùn, mo ní láti mọ agolo tó wà lọ́wọ́ mi dájú.

Omi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé gíráàmù omi kan jẹ́ mílílítà kan. Mo nu agolo náà gbẹ, mo gbé e sórí síkéèlì, mo tẹ̀ ẹ́ padà sí 0, mo wá rọra bu omi sí i. Ẹ fi ojú sí ẹnu agolo níbi yìí, nítorí omi máa ń yọrí díẹ̀ kọjá ẹnu kó tó dà sílẹ̀. Ìgbà tó bá tẹ́jú pẹ̀lú ẹnu ni kí ẹ dúró. Tèmi gba 850. Ẹni tí kò bá ní síkéèlì lè lo ike omi tí wọ́n kọ 75cl sí lára, tí ẹnìkan kò tíì ṣí: dà á sínú agolo tán, kó wo iye àyè tó ṣẹ́kù. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí ìwé ìdáná àwọn ará Amẹ́ríkà bá ní kí n bu kọ́ọ̀pù kan, tó jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 240, dẹ́ríkà mi gba irú kọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ kàn. Mo bu ẹ̀wà olóyin kún agolo náà títí ó fi yọrí, mo wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tó tọ́ gbọrọ fá orí rẹ̀ kúrò. Ohun tó ṣẹ́kù wúwo tó gíráàmù 680. Ìrẹsì tí a fá bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 715. Mo tún un ṣe léraléra, ìyàtọ̀ tó ń wà níbẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kékeré lọ, ìyẹn kò sì lè ba ọbẹ̀ kankan jẹ́. Ẹ̀wà tí ara rẹ̀ tóbi lè fi díẹ̀ yàtọ̀ sí olóyin, nítorí náà ẹ̀wà tí ẹ máa ń sè gan-an ni kí ẹ fi wọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni orí tí àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń gbé lé e. Kò sẹ́ni tó ń fá agolo lọ́jà. Bí ìyá ẹlẹ́wà bá fá a, ẹ̀yin gan-an lẹ máa pariwo. Ìyá wa náà kò fá a rí. Dẹ́ríkà rẹ̀ máa ń ní orí, orí yẹn sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 60. Ìyẹn ni pé dẹ́ríkà rẹ̀ méjì kì í ṣe 1,360, bí kò ṣe 1,480. Bí àbúrò mi bá fi 1,360 lọ ẹ̀wà, tó wá bu iye omi àti òróró tí ìyá wa máa ń bu, ẹ̀wà tó yẹ kó gbé omi náà ti dín ní gíráàmù 120. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú iná: omi á léfòó sókè mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà á sì fìdí kalẹ̀. Bó bá tutù tán pàápàá, ṣíbí á wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tó wọ ẹ̀kọ gbígbóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á di ẹ̀bi náà ru òróró tàbí ewé.

Nítorí náà, kìlò kan àti ààbọ̀ ni mo sọ fún un. Fún ara mi níbí, agolo tí a fá nìkan ni mo ń lò báyìí, nítorí pé ọwọ́ tó gbé orí lé agolo lónìí lè má gbé iye kan náà lé e lọ́la. Dẹ́ríkà fífá méjì ni mo ń bu, mo wá ń fi gíráàmù 120 tó kù kún un.

Báwo ni mo ṣe ń mọ 120 láìgbé síkéèlì jáde? Agolo dẹ́ríkà tọ́ láti ìdí dé ẹnu, kò fẹ̀ níbì kan ju ibì kan lọ, ìyẹn ló fi rọrùn. Inú tèmi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 11.5. Bí 680 bá gba 11.5, 120 á gba sẹ̀ǹtímítà 2. Mo wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo fi ọ̀bẹ gé àmì sí i lára ní 2, mo tún gé òmíràn sí 8.5, tó jẹ́ gíráàmù 500, nítorí ìlàjì kìlò ẹ̀wà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìdáná ń kọ. Màá tẹ́ ojú ẹ̀wà, màá ti igi náà bọ inú rẹ̀ dé ìdí, màá wo ibi tí ẹ̀wà dé. Àmì ẹ̀wà ni o, kì í ṣe ti ìrẹsì. Ẹ má sì ṣe èyí pẹ̀lú abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, nítorí ìlàjì gíga irú abọ́ bẹ́ẹ̀ kò tó ìlàjì ohun tó ń gbà.

Gàárì kò gbọ́ràn tó ẹ̀wà. Bí mo bá rọra dà á sínú agolo, tí mo fá a, ó jẹ́ nǹkan bíi 500. Bí mo bá gbo agolo náà mọ́lẹ̀, gàárì á rì, màá tún bu sí i, ó sì lè fi bí 70 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé mi ò kì í gbo ó, mi ò sì kì í ki agolo bọ inú àpò gàárì, nítorí kíkì yẹn náà ń dì í mọ́lẹ̀. Ife kékeré ni mo fi ń bù ú sínú agolo. Gàárì Ìjẹ̀bú tó kúnná àti èyí tó rí wóró-wóró kì í jẹ́ iye kan náà, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Agolo yìí kan náà ni mo fi ń yẹ kóńgò ọjà wò. Ẹnu kóńgò fẹ̀, orí tó lè gbé sì tóbi gan-an ju ti dẹ́ríkà lọ, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń bù ú ló ń pinnu púpọ̀ nínú ohun tí ẹ óò gbé lọ sílé. Ẹ tún máa wo ìdí rẹ̀: èyí tí wọ́n ti lù wọnú kì í gba iye tó yẹ, bí orí rẹ̀ ti wù kó ga tó. Bí mo bá ra kóńgò ìrẹsì kan lọ́wọ́ ẹni tuntun, màá fi dẹ́ríkà fífá wọ̀n ọ́n nílé kí n tó dà á sínú ike, màá sì fi ohun tí mo bá rí wé ti oníbàárà mi. Bí agolo mi fúnra rẹ̀ bá jábọ́ tí ẹnu rẹ̀ ká, omi ni mo tún ń padà sí.