Òjìji ọ̀sán tó gbé àríwá sí gúúsù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí yíya máàpù ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Kétu

Oṣù karùn-ún ọdún kan ni mo kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì sísíẹ̀mù jáde láti ya máàpù ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí a fi máa parí, máàpù náà dára lójú, gbogbo kíláàsì àti igi máńgòrò ló wà níbẹ̀, àmọ́ ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ọ̀gá, bí àríwá bá wà níbi tí a fi í sí yìí, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ṣáláńgá ni oòrùn ti ń yọ. Iwájú ẹnubodè ni mo sì máa ń rí i láràárọ̀." Òótọ́ ló sọ. A ti gbé àríwá sí gúúsù, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ni mo sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ibi tí àṣìṣe náà ti wá ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ya máàpù náà fúnra rẹ̀.

Máàpù tí ó sábà máa ń wà lọ́wọ́ olùkọ́ kò wúlò fún ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Lórí máàpù tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:50 000, sẹ̀ǹtímítà méjì dúró fún kìlómítà kan, nítorí náà ọgbà wa tó gùn tó 180 mítà kò lè ju mìlímítà mẹ́rin lọ, bí ìgbà tí èèrà bá dúró lórí ìwé. Máàpù ìlú Kétu tí mo tẹ̀ jáde láti inú OpenStreetMap ni mo ń lò báyìí fún ojú ọ̀nà àti àdúgbò, àwọn ọmọ á sì ya ti ọgbà fúnra wọn lórí ìwé onígun, ní òṣùwọ̀n 1:1000, níbi tí sẹ̀ǹtímítà kan ti dúró fún mítà mẹ́wàá. Ọgbà wa wá gba sẹ̀ǹtímítà 18, ó wọ ojú ewé kan pẹ́kípẹ́kí. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìdàwékọ o: bí ó bá sún máàpù ìlú kì tàbí tí ó fẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ sí i ti di irọ́ nìyẹn, àmọ́ ìlà òṣùwọ̀n tí wọ́n fà sí ìsàlẹ̀ á máa sún kì tàbí fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìlà yẹn ni kí ẹ fi wọn nǹkan.

A kò ní mítà gígùn, nítorí náà ìṣísẹ̀ la fi ń wọn ilẹ̀. Mo ta okùn 50 mítà sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì rin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe máa ń rìn lọ sọ́jà gan-an, láìna ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin kan ka 74, lẹ́yìn náà 78, lẹ́yìn náà 76. A mú 76 fún un. Nígbà tó wá rin ògiri iwájú, tó ka ìṣísẹ̀ 270, a sọ 270 di ìlọ́po 50, a pín in sí ọ̀nà 76, ó jẹ́ 178 mítà. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé àwọn ọmọ a máa bá ara wọn sáré, ẹsẹ̀ wọn á sì gùn ju ti ìgbà tí wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn lọ. Ẹ máa mọ̀ bí wọ́n bá fa ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán sórí ìwé tí ìlà ìkẹyìn kò padà dé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí àlàfo náà kò bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, mo máa ń gbà á. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á padà lọ rìn ín.

Àríwá ló kù. Ìwé tí mo gbé lọ́wọ́ ní kí a ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, kí a wo ibi tí òjìji rẹ̀ tọ́ka sí, pé àríwá nìyẹn. Fáransé ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń wà lápá gúúsù láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá. Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn máa ń kọjá gan-an lórí wa ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, ó sì wà lápá àríwá wa lọ́sàn-án títí di ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù kẹsàn-án, kí ó tó padà sí gúúsù. Láàárín ọdún ẹ̀kọ́, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, ohun tí ìwé náà wí ṣẹ. Ní oṣù karùn-ún, òjìji ọ̀pá mítà kan jẹ́ nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ́sàn-án, ó sì kọjú sí gúúsù. Ọ̀sán ọ̀hún pàápàá kì í bọ́ sí agogo méjìlá. Aago Bẹ̀nẹ̀ yá ju oòrùn Kétu lọ, nítorí náà ní oṣù karùn-ún, nǹkan bí 12:45 ni òjìji máa ń kúrú jù lọ.

Ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí kò sinmi lé oṣù tí a wà. A ó ri ọ̀pá mítà kan mọ́lẹ̀ ní gbangba, a ó fi òkúta kékeré tí a so mọ́ okùn wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Ní 10:15, ọmọ kan á fi èèkàn sí ṣóńṣó òjìji náà, tó máa ń gùn tó 80 sẹ̀ǹtímítà ní oṣù karùn-ún, a ó sì fi okùn tí a so mọ́ ìdí ọ̀pá ya òbìrí tó gba ara èèkàn náà kọjá. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé padà ní agogo mẹ́ta, a kàn ń dúró de ìgbà tí òjìji yóò tún gùn débi tí ṣóńṣó rẹ̀ yóò kan òbìrí náà, ní nǹkan bí 15:15. Èèkàn àárọ̀ ni ìwọ̀-oòrùn, èèkàn ìrọ̀lẹ́ ni ìlà-oòrùn, okùn tí a bá sì ta láàárín wọn ni ìlà tí a ń wá: ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ tó kọjú sí ìlà-oòrùn, òsì rẹ̀ ni àríwá. Nítorí ìkùukùu oṣù karùn-ún, mo máa ń ya òbìrí mẹ́ta, ní 10:00, 10:15 àti 10:30. Bí oòrùn bá wọ ìkùukùu nígbà kan, òmíràn á bọ́ sí i.

Nígbà tí a tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin yẹn ti gòkè kúrò ní kíláàsì sísíẹ̀mù, ó sì yà sọ́dọ̀ wa nígbà tí a ń ta okùn. Mo tẹ́ máàpù ìlú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, mo yí i títí àríwá rẹ̀ fi bá ti wa mu, mo ní kí ọmọ kan fi rúlà so àmì ilé-ẹ̀kọ́ wa pọ̀ mọ́ àmì Àkàbà Ìdènà, ẹnu-ọ̀nà àtijọ́ ìlú Kétu. Ó gbé ojú sókè tẹ̀ lé rúlà náà, kọjá orí ògiri, ó ní: "Ọ̀nà ilé ìyá àgbà mi mà nìyẹn." Ọmọbìnrin náà kò sọ nǹkan kan, ẹnubodè ló kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ló wo èèkàn ìlà-oòrùn, ó sì mi orí.