Lẹ́tà tí mo kọ sí báńkì lórí owó páànù

Báńkì mi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù dá owó tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn dúró fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ní kí n ṣàlàyé ibi tí owó náà ti wá àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe. 200 pọ́n-ùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lóṣooṣù. Lọ́tẹ̀ yìí, 2,400 ni, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò páànù kan ní Akóbọ̀ tí n kò fowó ránṣẹ́ sí rí, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu.

Mo kọ nọ́ńbà ìfowóránṣẹ́ náà sínú lẹ́tà, mo sì fi ìwé owó oṣù mi àti ìwé iye owó páànù tì í. Ibi tó le jù ni pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí ìwé páànù, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí àkáǹtì. Mo bẹ bàbá náà kí wọ́n fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò wọn ránṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni orúkọ méjèèjì ti pàdé. (Ẹ má retí kí báńkì sọ ohun tó mú ìfura wá, òfin lè dè wọ́n lẹ́nu.)

Wọ́n tú owó náà sílẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n owó páànù ti lé sí i.