20% nínú kí ni? Ohun tí lẹ́tà iṣẹ́ láàṣì àkọ́kọ́ mi kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìkọ́ṣẹ́ láàṣì, mo mọ bí inú ṣe máa ń dùn tí ṣọ́ọ̀bù bá fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ojú ìwé kan péré ni tèmi: owó oṣù 50,000 náírà, àkókò ìdánwò oṣù mẹ́ta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àti "kọmíṣánnì 20% lórí iṣẹ́ tí o bá ṣe". Mo fọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní oṣù àkọ́kọ́, mo lẹ láàṣì kílásíìkì fún ènìyàn 32. 15,000 náírà ni iye rẹ̀ lára ògiri, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 480,000. Mo ti ṣírò 20% sínú ìwé kékeré mi: 96,000. Àmọ́ 58,800 ni ọ̀gá mi fi ránṣẹ́. Mo rò pé àṣìṣe ni. Nígbà tí mo bèèrè, ó jókòó, ó sì ṣí ìwé tirẹ̀ hàn mí. Ó ti yọ 3,000 fún gúlù àti láàṣì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 96,000. Ó yọ 30,000 nítorí ẹ̀dínwó tó ṣe fún ènìyàn mẹ́wàá. Ó tún yọ 60,000 nítorí àwọn mẹ́rin tí láàṣì wọn bọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ó ku 294,000, ó sì mú 20% nínú rẹ̀. Kò jí owó mi. Lẹ́tà náà ni kò sọ ohun tí a ó mú 20% nínú rẹ̀, kálukú wa sì ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Ti àwọn mẹ́rin yẹn ló dùn mí jù, torí pé a lè mọ ẹni tó jẹ̀bi bí a bá wo láàṣì tó já. Bí èyí tó bọ́ bá ní irun ìpéǹpéjú oníbàárà lára, irun náà ló tó àkókò àti já, gbogbo ènìyàn ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Bí láàṣì nìkan bá bọ́, tí gúlù gbẹ bí ẹ̀kán kékeré sí ìdí rẹ̀, gúlù ti gbẹ kí n tó gbé e lé irun, tàbí n kò fọ òróró ojú kúrò dáadáa. Ìyẹn ẹ̀bi mi. Kò sẹ́ni tó wò ó kí wọ́n tó yọ owó mi.

Nítorí náà, nísinsìnyí tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ohun tí mo ń kọ sínú lẹ́tà rèé: "Kọmíṣánnì rẹ jẹ́ 20% owó tí oníbàárà san gan-an, lẹ́yìn ẹ̀dínwó. A kò ní yọ owó gúlù àti láàṣì. Bí oníbàárà bá padà wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wàá tún un ṣe láìgba kọmíṣánnì kejì, ṣùgbọ́n a kò ní gba ti àkọ́kọ́ padà." Bí lẹ́tà mi bá ti rí báyìí ni, 90,000 ni ǹ bá gbà: 20% nínú 450,000. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa san án náà.

Ní ti ìdánwò, ẹ bèèrè bóyá kọmíṣánnì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní tàbí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta bá pé. Oṣù márùn-ún ni mo fi wà nínú ìdánwò tèmi, torí pé kò sẹ́ni tó kọ̀wé pé ó ti parí. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ní abala 7, sọ pé kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí agbanisíṣẹ́ tó fún un ní ìwé tó ní owó iṣẹ́, bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀, àti wákàtí iṣẹ́.

Wákàtí tún ń tan wá jẹ. "Aago mẹ́fà la ń tì" kò túmọ̀ sí pé wàá lọ sílé ní aago mẹ́fà. Kílásíìkì lè gbà tó wákàtí méjì, fọ́lúùmù lè tó mẹ́ta. Bí wọ́n bá bá ọ gba fọ́lúùmù ní aago márùn-ún, ó di aago mẹ́jọ kí o tó dìde, ẹ̀yìn ríro àti ojú pípọ́n. Ẹ ní kí wọ́n kọ aago tí oníbàárà ìkẹyìn gbọ́dọ̀ wọlé, fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tèmi báyìí: fọ́lúùmù, aago mẹ́ta, kílásíìkì, aago mẹ́rin, rìfíìlì, aago mẹ́rin ààbọ̀.