Bí kárọ́sẹ̀ẹ̀lì mi ṣe jẹ́ kí Màmá dá jókòó nídìí òfì, àti ohun tí mo yí padà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì gbóná lọ́kàn mi ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Èmi ni mo ń bójú tó Instagram ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa níbí ní Kábbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́gbẹ́ tiyín ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ìpàdé máa tú lálẹ́, alága máa ní "bá wa gbé nǹkan síta kílẹ̀ tó mọ́", iná ò sí, fóònù ti fẹ́ kú, o ṣáà máa wá nǹkan lẹ̀ pọ̀.

Ètò wa ni pé a fẹ́ kí Màmá kan láti abúlé kan ní Bùnú wá fi bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ lórí òfì ìbílẹ̀ han àwọn ọ̀dọ́. Òfì àwọn obìnrin Bùnú máa ń dúró ṣánṣán ti ògiri ni, kò dà bí èyí tí wọ́n ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀. Àwọn tó ṣì ń hun ún ò pọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ wa tí ìyá-ìyá wa hun ún ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Màmá gbà láti wá, kò tiẹ̀ bèèrè ju owó ọkọ̀ lọ.

Mo ṣe kárọ́sẹ̀ẹ̀lì, ìyẹn pósítì kan tó ní ojú púpọ̀ téèyàn ń fi ìka fà lọ́kọ̀ọ̀kan, sìláìdì mẹ́jọ. Àkọ́kọ́, "ÌKÉDE PÀTÀKÌ!", lógò wa lókè, orúkọ ẹgbẹ́, àkòrí ètò, ọjọ́ àti aago. Èkejì fọ́tò alága, ẹ̀kẹta fọ́tò bàbá ìsàlẹ̀, ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún àwọn àlejò pàtàkì, ìkẹfà ibi tá a ti máa ṣe é, ìkeje ọ̀rọ̀ Màmá, ìkẹjọ "ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìròyìn tó yín létí". Gbogbo rẹ̀ tàn yòò, pupa àti góòlù. Inú àwọn aláṣẹ dùn gan-an, kálukú rí fọ́tò ara rẹ̀.

Ọjọ́ ètò pé. A háyà àga 80. Màmá dé kí aago mẹ́rin tó lù, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gbé àwọn igi òfì tí wọ́n fi okùn dì pọ̀ sọ̀kalẹ̀ látorí bọ́ọ̀sì. Ó fi ara rẹ̀ to igi yẹn ti ògiri, ó so òwú mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ ká bá òun ṣe é, ó ní ọwọ́ wa ò mọ bó ṣe yẹ kó le tó. Ó jókòó níwájú rẹ̀, ó gbé pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú wọlé lé itan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Aago mẹ́rin lù. Aago mẹ́rin àbọ̀. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá ti dún níta lèmi náà ń yọjú. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún a jẹ́ 11 nínú gbọ̀ngàn yẹn, mẹ́fà nínú wa sì jẹ́ aláṣẹ ẹgbẹ́. Màmá wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, àbí ọ̀nà ni ò dáa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ọ̀nà ni.

Irọ́ ni mo pa. Àwọn tá a ń retí ò jìnnà sí wa ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó hun bí ìka mẹ́ta fún àwa tá a wà níbẹ̀, ó sì ṣàlàyé dáadáa bí ẹni pé gbọ̀ngàn kún. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú yẹn bó ṣe so ó, níkọ̀ọ̀kan, ó ń ká a mọ́ ọwọ́, àwa ń to àga 80 lórí ara wọn, ariwo àga yẹn nìkan lẹ́ ẹ máa gbọ́. Mi ò lè wojú ẹ̀. Títí dòní tí mo bá ti gbọ́ kí àga máa ró gbàgà báyẹn, ojú Màmá ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ràn àṣà, torí mo bi wọ́n. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní òun rí nǹkan pupa kan tó ní lógò, òun rò pé ìkéde òkú ni òun bá fò ó. Kò jẹ̀bi, ẹ wo sítátọ́ọ̀sì yín lọ́jọ́ Jímọ́ nílẹ̀ Ọ̀kun yìí, láti Kábbà dé Ìsánlú, òkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, gbogbo wọn ló láwọ̀ góòlù tó sì ní fọ́tò èèyàn nínú róbótó. Ojú èèyàn ti kọ́ bó ṣe ń fò wọ́n. Ẹlòmíì ní òun tiẹ̀ fẹ́ wá, ṣùgbọ́n òun ò mọ ibi tó jẹ́. Mo ní ó wà níbẹ̀ kẹ̀. Ó fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí mi, sìláìdì àkọ́kọ́ nìkan ni, ẹnì kan yà á láwòrán lójú fóònù ó sì gbé e sí gúrúùpù WhatsApp. Ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn wà lójú kẹfà lọ́hùn-ún. Bí nǹkan ṣe ń rìn lọ́dọ̀ wa nìyẹn, Instagram lo ti gbé e jáde, WhatsApp ló ti ń jẹ́, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń mú lọ.

Ohun tó wá là mí lójú jù lọ, ẹnu àbúrò mi obìnrin ló ti jáde. Mo jókòó tì í nídìí ìdáná, mo ń ka àwọn sìláìdì yẹn sókè fún un kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣì í. Mo ka, "Ẹgbẹ́ wa fi tayọ̀tayọ̀ pe tọmọdé tàgbà síbi ètò àṣà alárinrin." Ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá mi, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Mi ò rí èsì. Lóòótọ́ mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Mo ní kí ló dé, báwo ló ṣe yẹ kí n sọ ọ́? Ó ní, "Báwo lẹ ṣe sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ti abúlé dé?" Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ni pé, "O ò bá rí ọwọ́ Màmá yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣa òwú láì wò ó." Ó ní ẹ kọ ìyẹn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ di ibi yìí mú ṣinṣin. Fúláyà ń kéde fún gbogbo ayé, kárọ́sẹ̀ẹ̀lì gbọ́dọ̀ bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Gbogbo gbólóhùn tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan tó jókòó níwájú yín. Èyí tí ẹnu yín ò bá lè sọ fún un láìtijú, tó jẹ́ ẹnu máíkì nìkan ló yẹ, ẹ pa á rẹ́. "Fi tayọ̀tayọ̀" máa lọ. "Alárinrin" máa lọ. "Àlejò pàtàkì" máa lọ. Mi ò bú àwọn tó ń ṣe fúláyà o, ó níbi tó wúlò sí, ara ògiri àti ẹnu géètì.

Màmá gbà láti padà wá, èmi fúnra mi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n. Instagram gbà wá láyè dé ojú 20, mẹ́fà péré ni mo lò.

Ojú àkọ́kọ́, fọ́tò ọwọ́ Màmá láàárín òwú, mo sún mọ́ ọn débi pé ẹ lè rí bí aró ṣe wọ inú èékánná, fóònù ni mo fi yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀: "O ò bá rí bí ọwọ́ yìí ṣe ń ṣa òwú láì wò ó." Kò sí lógò, kò sí ọjọ́. Wọ́n bá mi jà lórí lógò yẹn nípàdé, mo ní orúkọ ẹgbẹ́ ti wà lókè pósítì fúnra rẹ̀, kí la tún ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Ojú kejì, òfì lódindi lára ògiri: "Òfì Bùnú kì í dùbúlẹ̀, ìdúró ló ń dúró." Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìyẹn náà lè dá dúró láìsí ti àkọ́kọ́, torí Instagram máa ń tún gbé pósítì kan náà wá fún ẹni tó ti fò ó, ojú kejì ló sì máa ń fi hàn án nígbà míì. Tó bá jẹ́ fọ́tò alága ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti pàdánù ẹni yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta, ìka ọmọdé lórí òwú: "Màmá ní kí n bi ẹ́, ṣé o máa wá jókòó ti òun?" Ẹ̀kẹrin ni gbogbo ìfitónilétí, pátápátá lójú kan, ilẹ̀ funfun, lẹ́tà dúdú: Sátidé, déètì àti oṣù, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, gbọ̀ngàn náà àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọlọ́kadà mọ̀, pé ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà fóònù kan. Èyí lẹni tó bá yà á láwòrán máa gbé lọ, kó má sì sí ohun tó ṣẹ́ kù lójú mìíràn. Ẹ má sì fi sí ìparí pátápátá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í jẹ́ kí ojú tó kẹ́yìn tètè ṣí, èèyàn máa fà á títí, ó máa sú u. Ìkarùn-ún, àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń tijú láti bi wá: ṣé ọkùnrin lè wá, mi ò mọ̀ ọ́n hun rárá ńkọ́, Yàgbà ni mí ńkọ́. Ìkẹfà, Màmá ń rẹ́rìn-ín, kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

Ìwọ̀n tí mo lò lórí Canva ni 1080 × 1350, ó ga, ó gba ojú fóònù ju èyí tó dọ́gba lọ. Bí ojú àkọ́kọ́ bá ṣe rí ni Instagram máa gé ìyókù, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà sún mọ́ etí. Mi ò lo lẹ́tà tó kéré ju 50 lọ. Kí n tó gbé e jáde mo na fóònù jìnnà dé ibi tí apá mi gùn dé, mo ní kí àbúrò mi kà á. Ó ka gbogbo rẹ̀ àfi nọ́ńbà fóònù, mo bá sọ ìyẹn di ńlá. Nígbà tí mo gbé e sí gúrúùpù WhatsApp, ojú kẹrin yẹn ni mo tún fi ránṣẹ́ lóun nìkan láàárọ̀ Sátidé.

Èèyàn 63 la kà. Àga tó, ṣùgbọ́n wọn ò jókòó sórí ẹ̀, gbogbo wọn lọ rọ̀gbà yí òfì ká. Mo bi mẹ́wàá nínú wọn ohun tó gbé wọn wá, méje ní ọwọ́ Màmá ni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹgbẹ́ wa, kò sì dùn mí.

Màmá ní òun tún ń bọ̀, aró ni òun fẹ́ kọ́ wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n má wọ funfun wá o, tí aró bá ta sí i kò ní lọ mọ́. Bó ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni mo ti kọ ọ́ sójú àkọ́kọ́.