Ẹlẹ́rìí tí wọ́n fún ní nọ́ḿbà ilé: ohun tí mo kọ́ nípa ìtọ́kasí ayédèrú

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka àpilẹ̀kọ àwọn olùwádìí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo bá ti dé ibi àwọn ìtọ́kasí tó wà níparí, mo kàn ń fojú gbá wọn kọjá ni: ṣé ọdún wà níbi tó yẹ, ṣé orúkọ òǹkọ̀wé ló ṣáájú, ó parí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan lè jókòó kó máa hun àkọlé ìwé tí kò sí láyé. Ta ló ráyè ìyẹn? Àṣé ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé, irú ChatGPT, ráyè ẹ̀ dáadáa.

Àpilẹ̀kọ tó là mí lójú dá lórí oorun àti ìrántí. Ìtọ́kasí mọ́kànlélógún ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn tò bí eyín ọmọdé. Ibì kan wà níbẹ̀ tí òǹkọ̀wé ti sọ pé oorun ọ̀sán díẹ̀ ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí ọ̀rọ̀ èdè tuntun. Ọ̀rọ̀ náà wù mí, mo sì fẹ́ mọ̀ sí i. Kì í ṣe pé mo fura o, ìfẹ́ ìtọpinpin lásán ló mú mi tẹ nọ́ḿbà DOI rẹ̀, ìyẹn nọ́ḿbà tí wọ́n ń fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan kí ènìyàn lè rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé náà ṣí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kòkòrò inú omi ni mo bá níbẹ̀.

Mo ní bóyá ó ṣi nọ́ḿbà kọ ni. Mo wá àkọlé rẹ̀ kiri, n ò rí i. Mo wá àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì lọ. Àwọn wà lóòótọ́, iṣẹ́ ìwádìí oorun ni wọ́n sì ń ṣe, ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ wọn tí mo rí, kò sí èyí tí wọ́n jọ kọ. Ìgbà yẹn ni mo wá padà wo ìparí ìtọ́kasí náà dáadáa:

```
PLOS ONE, 14(3), 233–251 (2016)
```

Ẹni tó bá mọ jọ́nà yìí á ti rí i pé nǹkan ń ṣe. Ọdún 2006 ni PLOS ONE bẹ̀rẹ̀, ìdìpọ̀ kan ló sì ń ní lọ́dún kan. Ìdìpọ̀ kìíní ni ti 2006, ìkejì ni ti 2007, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Tí ẹ bá yọ 2005 kúrò nínú ọdún èyíkéyìí, iye tó kù ni ìdìpọ̀ ọdún náà. Yọ ọ́ kúrò nínú 2016, 11 ló kù. Ìdìpọ̀ 14 tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọdún 2019 ló ni ín. Ìyẹn nìkan lè jẹ́ àṣìkọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ewé. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni jọ́nà yìí ń gbé iṣẹ́ jáde, kì í ka ojú ewé láti àpilẹ̀kọ kan bọ́ sí òmíràn. Àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀, lẹ́tà `e` ló sì máa ń wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ojú ewé 233 sí 251 kankan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ègé kan nínú ìtọ́kasí yẹn tó jẹ́ irọ́ tí ẹ bá dá a mú. Jọ́nà wà. Àwọn òǹkọ̀wé wà. `10.1371` tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ḿbà DOI náà, ti PLOS tó ni jọ́nà náà gan-an ni. Síso tí wọ́n so wọ́n pọ̀ ni irọ́. Òpùrọ́ àtijọ́ a ní ẹlẹ́rìí òun wà lọ́run, kí ẹ má bàa lè lọ bi í léèrè. Ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fún ẹlẹ́rìí tirẹ̀ ní àdúgbò, ó fún un ní nọ́ḿbà ilé, ó tún kun ilé náà lọ́dà. Kì í ṣe pé ó ní àpótí ìwé kan tó ti ń mú wọn jáde. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ló ń gbé kalẹ̀: lẹ́yìn orúkọ jọ́nà, ìdìpọ̀ ló máa ń kàn, lẹ́yìn ìdìpọ̀, ojú ewé. Ó sì fi ohun tó jọ ìdìpọ̀ àti ohun tó jọ ojú ewé síbẹ̀.

Níbí ni mo ti rí ìyàtọ̀ tí mò ń lò títí dòní láàárín àṣìṣe ènìyàn àti ayédèrú ẹ̀rọ. Ènìyàn á kọ 1978 dípò 1987, á gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ, á kọ ojú ewé 45 dípò 54. Ibì kan bàjẹ́, ìyókù á ṣì mú yín dé ọ̀dọ̀ ìwé náà. Ti ẹ̀rọ, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ń lọ síbi tirẹ̀. Àkọlé ò mú yín débì kankan, DOI mú yín lọ sọ́dọ̀ kòkòrò, ìdìpọ̀ mú yín lọ sí ọdún mìíràn. Tí ọ̀nà mẹ́ta bá ti yapa báyìí, n kì í pè é ní àṣìkọ mọ́.

Ẹjọ́ kan tó di mímọ̀ káàkiri ní 2023 fi irú ìyapa yìí hàn kedere. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan nílùú New York ló gbọ́ ọ, Mata àti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca ni wọ́n jọ ń fà á. Àwọn agbẹjọ́rò Mata tọ́ka sí ẹjọ́ àtijọ́ kan tí wọ́n pè ní Varghese, wọ́n sì fún un ní nọ́ḿbà `925 F.3d 1339`, ìyẹn ojú ewé 1339 nínú ìdìpọ̀ 925 ìwé àkójọ ìdájọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé àkójọ ìdájọ́ wò, àárín ẹjọ́ mìíràn tó ń jẹ́ J.D. v. Azar ni ojú ewé yẹn bọ́ sí, ilé ẹjọ́ mìíràn pátápátá ló sì dá a. Adájọ́ wá pàṣẹ pé kí wọ́n mú ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìdájọ́ Varghese wá, wọ́n sì mú nǹkan kan wá! Lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, aṣojú olóògbé kan ló ń pẹjọ́ lórí ikú rẹ̀. Kò pẹ́, ẹjọ́ náà di ti Varghese mìíràn, arìnrìn-àjò tí wọn ò jẹ́ kó wọ ọkọ̀. ChatGPT ló hun ún. Agbẹjọ́rò tó lò ó ti bi ẹ̀rọ náà bóyá ẹjọ́ náà wà lóòótọ́, ó sì ní ó wà. Ìtanràn 5,000 dọ́là ni adájọ́ bù fún wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó yí padà láàárín ìtàn yẹn. Nínú ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹ̀rọ hun, èmi máa ń tọpa ẹnì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i, ṣé òun náà ló ṣì ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oorun yẹn, ara mi gbóná, gbogbo ìtọ́kasí ló di ayédèrú lójú mi. Màmá kan tó ti ń kọ̀wé kí wọ́n tó bí mi fi iṣẹ́ ránṣẹ́. DOI mẹ́ta nínú tiwọn kọ̀, wọn ò ṣí. Mo kọ lẹ́tà tí n kò gbọ́dọ̀ kọ. Wọ́n pè mí lórí fóònù, ohùn wọn tutù: "Ọmọ mi, wo ìparí nọ́ḿbà yẹn. Yọ àmì ìdánudúró tó wà níbẹ̀ kúrò, kó o tún un tẹ̀." Mo yọ ọ́. Ó ṣí. Mo yọ ti èkejì, òun náà ṣí. Ẹ̀kẹta, ìlà ló ti gé e sí méjì, mo sì ti da ìdajì rẹ̀ kọ. Ojú tì mí débi pé n ò mọ ohun tí mo lè sọ ju "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú" lọ. Láti ọjọ́ náà, DOI tó bá kọ̀, mo máa kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́ ná. Kí n sì tó pe ohunkóhun ní ayédèrú, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé bóyá ó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé àtijọ́ mìíràn wà tí kò ní DOI rárá, tí kò sì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí àkọlé náà ní Google Scholar, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ wo iwájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ `[CITATION]` ló wà níbẹ̀, tí kò sì sí ohun tí ẹ lè tẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn ti dárúkọ ìwé náà níbì kan. Ẹlòmíràn yẹn sì lè ti dà á kọ láti ọwọ́ ẹ̀rọ.

Àwọn kan máa ń wá ipa ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀, bíi `utm_source=chatgpt.com` ní ìdí líǹkì, tàbí `oaicite` àti `turn0search0` tó já bọ́ sáàárín gbólóhùn. Èmi náà ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí òǹkọ̀wé gbà kọjá nìkan ni wọ́n ń sọ. Ojú ewé tí líǹkì yẹn ń lọ lè wà gidi, ẹ ṣì ní láti ṣí i.

Ṣíṣí i gan-an ló le jù, nítorí pé irọ́ tó ń mú mi pẹ́ jù ni èyí tí ìwé rẹ̀ wà. Nínú àpilẹ̀kọ oorun yẹn, mo rí mẹ́tàlá nínú mọ́kànlélógún tó wà lóòótọ́. Mo kà wọ́n. Mẹ́rin kò sọ ohun tí wọ́n ní wọ́n sọ. Ọ̀kan nínú wọn, eku ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Òǹkọ̀wé kọ ọ́ bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Òmíràn sọ pé àwọn ò rí ìyàtọ̀ kankan, àpilẹ̀kọ tiwa sì fi ṣe ẹ̀rí pé ìyàtọ̀ wà. Àkọlé méjèèjì bá ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wọn mu wẹ́kú, òun ló fi rọrùn láti gbà wọ́n gbọ́. Nítorí náà, gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò báyìí ni èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ bá a mu jù, tó sì ní iye kan pàtó nínú. Mo ń wá iye yẹn gan-an nínú ìwé tí wọ́n tọ́ka sí, nínú tábìlì tàbí nínú àbájáde, kì í ṣe nínú àkọlé.

Mo kọ gbogbo ohun tí mo rí ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé náà. Ó fèsì pé òun ka gbogbo ìwé wọ̀nyẹn fúnra òun, pé wọ́n wà lọ́wọ́ òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó ya fọ́tò ojú ewé 233 sí mi. Mo ṣì ń retí rẹ̀.