Iṣẹ́ tó wọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni kọ́ńtírákítọ̀ kan wá bá wa. Owó sìmẹ́ńtì àti irin ti fò sókè, ó ní òun ò lè parí ilé tí òun ń kọ́ ní iye tí òun gbà á mọ́. Mo kọ lẹ́tà fún un pé àdéhùn náà ti forí ṣánpọ́n, ìyẹn ni pé ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni ti tú u. Ọ̀gá mi kà á tán, wọ́n dá a padà, wọ́n ní, "Gbọ̀ngàn wo ló jóná?"

Ẹjọ́ Taylor àti Caldwell ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1863. Taylor fẹ́ lo gbọ̀ngàn orin Surrey Gardens fún ọjọ́ mẹ́rin, £100 lójúmọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọjọ́ àkọ́kọ́ pé, iná jó gbọ̀ngàn náà láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Adájọ́ Blackburn ní ohun tí àwọn méjèèjì gbé àdéhùn lé kò sí mọ́, nítorí náà àdéhùn tú. Owó ìpolówó tí Taylor ti ná, ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ wá wo ẹjọ́ Davis àti ìgbìmọ̀ ìlú Fareham, èyí tí wọ́n dá ní 1956. Ní 1946, Davis gbà láti kọ́ ilé 78 láàárín oṣù mẹ́jọ. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, òṣìṣẹ́ di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ gba oṣù 22, ìnáwó sì ga gan-an. Davis ní kí ilé ẹjọ́ kà á sí pé àdéhùn ti tú, kí wọ́n lè san iye tí iṣẹ́ náà tó gan-an fún òun. Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù kọ̀. Lọ́ọ̀dù Radcliffe ṣàlàyé pé ìnira tàbí àdánù nìkan kò tó. Ohun tí wọ́n ní kéèyàn ṣe gbọ́dọ̀ ti yí padà débi pé kì í ṣe ohun tó ṣèlérí mọ́. Ilé 78 ni Davis ṣèlérí, ilé 78 náà ló kọ́.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo ti ń bi oníbàárà mi ní iye tó pàdánù, èmi ò sì bi í bóyá iṣẹ́ náà ti di nǹkan mìíràn. Ká ní ìjọba gba ilẹ̀ náà ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, bí kò bá ṣáà jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà níbẹ̀, ògiri sì ti dé orí fèrèsé. Bí oníbàárà mi bá tìtorí lẹ́tà mi pa iṣẹ́ náà tì, òun gan-an ni ilé ẹjọ́ máa pè ní ẹni tó da àdéhùn. Ẹ̀rù èyí ṣì ń bà mí títí di òní.

Ọ̀gá mi ní kí n ka àdéhùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìpínrọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó sọ bí iye owó ṣe lè yí padà bí ọjà bá gbówó lórí, kìkì pé kí kọ́ńtírákítọ̀ fi ìwé tó onílé létí ní àkókò. Àkókò náà ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ìfitónilétí yẹn ni lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́.